Ohun tí àpèjúwe fídíò ẹ̀fọ́ rírò kan kọ́ mi

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni àbúrò mi pè mí láti Mansẹ́sítà. Nọ́ọ̀sì ni, wákàtí méjìlá ló fi ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì máa ń tó aago mẹ́jọ alẹ́ kó tó wọlé. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀fọ́ tí mo sè pẹ̀lú fídíò yín ti domi mọ́ mi lọ́wọ́ o. Epo dá wà lókè, omi dá wà nísàlẹ̀, ewé wá ń léfòó láàárín." Mo ní kó yí ojú fóònù sí ìkòkò kí n rí i. Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ó fi ṣíbí ro ó, omi pupa dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí omi ìṣanwọ́.

Mo bi í pé, "Ẹ̀fọ́ wo lo lò?"

Ó ní ẹ̀fọ́ dídì ni, sípínáàṣì tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní súpámákẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé o fún omi rẹ̀ dànù kó o tó dà á sí ata?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ò kọ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀."

Mo fẹ́ bá a jiyàn, torí ó dá mi lójú pé mo sọ ọ́. Nígbà tó pa fóònù, mo lọ wo fídíò náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òótọ́ ni mo sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kejì, níbi tí mo ti ń fún ẹ̀fọ́ tí ohùn mi ò sì jáde dáadáa. Àmọ́ àbúrò mi ò tilẹ̀ gbọ́ ohùn mi rárá. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé ti sùn, ó ti pa ohùn fóònù, ó gbé e ti ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, ohun tí mo kọ sábẹ́ fídíò ló ń kà tó fi ń se ọbẹ̀. Ohun tí mo kọ náà nìyí:

```
Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi àtàtà! Ẹ má gbàgbé láti tẹ Subscribe.
Lónìí a máa se ẹ̀fọ́ rírò aládùn, oúnjẹ àwọn baba ńlá wa.
Ẹ lo ẹ̀fọ́ tó pọ̀, epo díẹ̀, irú, àti ata tó bá yín lára mu.
```

Ojú tì mí gan-an. Ọjọ́ Sátidé méjì ni mo fi ya fídíò náà. Mo wá kọ àpèjúwe rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, nígbà tó ti rẹ̀ mí tí mo kàn fẹ́ kó jáde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àpèjúwe yẹn gan-an ni àbúrò mi gbé dáná.

Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn tí mò ń ya fídíò fún kì í ṣe ìyàwó ilé tó ti ń dáná láti kékeré. Àwọn ọmọ tó kúrò nílé ìyá wọn bọ́ sí yunifásítì, tí wọ́n kúrò ní yunifásítì bọ́ sí ọkọ̀ òfuurufú, ni. Wọ́n mọ bí ẹ̀fọ́ rírò ṣe ń rí lẹ́nu, wọn ò mọ bó ṣe ń rí lọ́wọ́. Bí o bá sọ fún wọn pé "epo díẹ̀," wọ́n á bi ọ́ pé díẹ̀ mélòó, ìbéèrè gidi sì ni.

Nígbà tí mo pinnu láti tún àpèjúwe náà kọ, inú mi dùn pé Màámi wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà, wọ́n wá kí wa fún oṣù mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n bá mi se ẹ̀fọ́ rírò kan bí wọ́n ṣe ń sè é nílé, kí n máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú ni Màámi fi ń wọn nǹkan. Mo bi wọ́n pé epo mélòó, wọ́n ní, "Èyí tó máa gbé ata." Mo bi wọ́n pé irú ńkọ́, wọ́n ní, "Títí tí imú ẹ bá gbọ́ ọ." Wọn ò ṣe yẹ̀yẹ́ o, bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Mo wá dọ́gbọ́n kan. Mo gbé ìgò epo sórí ìwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, mo kọ iye tó wọ̀n sílẹ̀: 1,020 gíráàmù. Màámi da epo síkòkò, wọ́n gbé ìgò padà, mo tún wọ̀n ọ́n: 885. Gíráàmù 135 ni wọ́n dà. Epo fúyẹ́ ju omi lọ díẹ̀, nítorí náà bíi mílílítà 150 nìyẹn, ohun tó sún mọ́ ìdajì ago tíì ńlá. Bákan náà ni mo ṣe fún irú, fún ede, fún iyọ̀. Irú jẹ́ ṣíbí ìjẹun méjì tó kún. Ede lílọ̀ jẹ́ ṣíbí méjì. Màámi ò yí ọwọ́ wọn padà nítorí ìwọ̀n mi, èmi ni mò ń sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú bírò. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àgbà: mi ò bi wọ́n pé "mélòó" mọ́, ìgò ni mò ń wọ̀n ṣáájú àti lẹ́yìn.

Ẹ̀fọ́ náà ló gba àkókò jù, torí òun ló ba ti àbúrò mi jẹ́. Nílé, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ la máa ń já, a ó rẹ́ ẹ, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a ó fún un. Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò ní bi ọ́ pé ṣé kóun fún ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n sípínáàṣì dídì yàtọ̀. Iléeṣẹ́ tó dì í ti bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé e sínú yìnyín, ìyẹn ni pé ó ti jinná díẹ̀ kó tó délé. Yìnyín tó wà nínú ewé ti fọ́ ara rẹ̀, nítorí náà tó bá yọ́, omi inú ewé ni yóò máa ṣàn jáde. Ẹni tó bá tún bọ̀ ọ́ á di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì dà á sórí ata bẹ́ẹ̀, gbogbo omi yẹn ni yóò dà sínú ọbẹ̀.

Mo ra ọ̀rá kan tó jẹ́ 900 gíráàmù, mo gbé e sínú asẹ́ lórí abọ́ láti alẹ́ mọ́jú nínú fíríìjì. Láàárọ̀, mo dà á sínú aṣọ ìnuwọ́ mímọ́, mo lọ́ ọ, mo fún un. Omi tútù aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹni ń fún aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo fún un títí ọwọ́ fi ń ro mí, mo tún pín in sí méjì, mo tún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo gbé ewé tó kù sórí ìwọ̀n, ó jẹ́ 480. Gíráàmù 420 ti lọ bí omi, ìyẹn sì sún mọ́ ago tíì méjì. Màámi wo abọ́ náà, wọ́n ní, "Gbogbo èyí ni ọmọ yẹn mu?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ sókè pátápátá, kí ẹni tó ń sáré lè rí i."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn ni mo fi tún àpèjúwe náà tò.

Lórí YouTube, àpótí tí a ń kọ àpèjúwe sí gba lẹ́tà 5,000. Àyè yẹn pọ̀, kò sídìí láti ṣahun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo fídíò ò ní rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù tí yóò rí, àfi tó bá tẹ `...more`. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kan náà ló lè yọjú díẹ̀ níbi tí ènìyàn ti ń wá nǹkan. Èmi ti lo tèmi láti fi kí ènìyàn káàbọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ronú bóyá kóun ya ra ẹ̀fọ́ lójú ọ̀nà, ìkíni kọ́ ló ń wá. Ó fẹ́ mọ ọbẹ̀ tó jẹ́, ohun tí yóò fi sè é, bó ṣe máa pẹ́ tó, àti iye àwo tó máa ká. Mo wá kọ ìlà àkọ́kọ́ báyìí:

```
Ẹ̀fọ́ rírò | efo riro pẹ̀lú frozen spinach, tí kò domi.
Ìṣẹ́jú 45, àwo 6. Ẹ fún omi ẹ̀fọ́ dànù kí ẹ tó dà á sí ata.
```

Mo fi àṣìṣe tó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe sínú ìlà kejì. Àwọn kan lè rò pé àṣírí ọbẹ̀ ni mo tú síta, pé kò sídìí tí wọ́n á fi wo fídíò mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá kà pé kó fún omi ẹ̀fọ́ máa ń fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń fún un.

Lẹ́yìn ìlà méjì yẹn ni ohun èlò. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé orúkọ ọjà ṣòro ju bí mo ṣe rò lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Hiúsítìn, ènìyàn ò ní rí "tàtàsé" tí wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ tó wà lára pálí ọjà níbi tí ẹni náà ń gbé ló gbọ́dọ̀ kà nínú àpèjúwe, kó lè gbé fóònù sí i kó sì wò ó pé òun ni. Orúkọ náà sì ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Mo kọ ọ́ báyìí:

```
Tàtàsé 4: UK pointed red pepper / US red bell pepper
Ata rodo 1 tàbí 2: UK scotch bonnet / US habanero
Irú ṣíbí 2: locust beans (kì í ṣe ògìrì)
Epo pupa 150 ml: palm oil
Ede lílọ̀ ṣíbí 2: ground crayfish
```

Bí mo ṣe ń kọ tàtàsé ni mo rántí ìdí mìíràn tí ọbẹ̀ fi ń domi. Ata pupa roboto tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà nípọn lára, omi rẹ̀ sì pọ̀ ju tàtàsé gígùn tiwa lọ. Bí a bá lọ̀ ọ́, a ti lọ omi pọ̀ mọ́ ọn. Nílé, bí Màámi bá ti lọ ata, wọ́n á kọ́kọ́ sè é nínú ìkòkò láìsí epo títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, títí tí yóò fi ki tí ṣíbí bá gbá a tí kò tètè padà pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé epo sínà. Fún tàtàsé gígùn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ìkòkò mi. Fún èyí tó nípọn, mo ní láti dá a sórí iná fún ìṣẹ́jú 18. Mo kọ iye méjèèjì sínú àpèjúwe, mo sì kọ àmì tí wọ́n máa fi mọ̀, torí iná sítóòfù kọ̀ọ̀kan ló ní agbára tirẹ̀: bí ẹ bá fa ṣíbí kọjá láàárín ata, kí ojú ọ̀nà náà dúró díẹ̀ kó tó pa dé.

Ohun kan tún wà lórí epo tí mo fẹ́ kí ó wà nínú àkọsílẹ̀, kì í ṣe nínú fídíò nìkan. Àwọn ọmọ wa kan ti rí ìyá wọn tó ń yọ epo pupa títí yóò fi funfun, tí èéfín á gba ilé kan. Nínú yàrá kékeré lókè òkun, tí fèrèsé ò ṣí tán, ẹ̀rọ tó ń ké tó bá gbọ́ èéfín máa ké, gbogbo ilé á sì jáde síta nínú òtútù. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún àkọ́kọ́ mi níbí. Mo dúró síta pẹ̀lú bàtà ilé, àwọn aládùúgbò yí mi ká, olóòórùn epo ni mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ̀fọ́ rírò ò sì nílò epo yíyọ rárá. Kó kàn gbóná tí àlùbọ́sà tí a gé sínú rẹ̀ á fi máa ta wìrìwìrì ti tó, pupa rẹ̀ gan-an la fẹ́ lójú ọbẹ̀. Gbólóhùn kan ni mo fi kọ ọ́: "Ẹ má yọ epo, ẹ kàn jẹ́ kó gbóná."

Mo tún fi ìlà kan sí i pé ede àti ẹja wà nínú ọbẹ̀ náà. Mi ò ronú kàn án tẹ́lẹ̀, torí lójú tiwa, ta ni ò mọ̀ pé ede wà nínú ẹ̀fọ́? Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gbé oúnjẹ lọ sí ibi iṣẹ́, ẹlẹgbẹ́ wọn á sì ní kí wọ́n jẹ́ kóun tọ́ ọ wò. Ẹni tí ara rẹ̀ ò gba ede lè wú lójú àti lọ́fun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè gbẹ̀mí. Ede lílọ̀ kì í hàn lójú ọbẹ̀. Ẹni tó sè é gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ kí wọ́n tó bu ún.

Níbi àkókò ni mo ti ṣe àṣìṣe kejì. Fídíò mi jẹ́ ìṣẹ́jú 12 ó lé díẹ̀. Ẹni tó ti ń dáná lọ́wọ́ ò ní fẹ́ wò ó látìbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ bọ́ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. YouTube máa ń pín fídíò sí apá bí o bá kọ àkókò apá kọ̀ọ̀kan sínú àpèjúwe. Mo kọ ọ́, mo dúró, apá kankan ò jáde. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pààrọ̀ àmì, mo pààrọ̀ àyè, kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo wá ka ìlànà wọn dáadáa ni mo rí ohun tó fà á: àkókò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ `00:00`, èmi sì bẹ̀rẹ̀ láti `00:35` torí mo ka ìkíni mi sí ohun tí kò yẹ ní apá tirẹ̀. Àkókò náà gbọ́dọ̀ tó mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n tẹ̀ léra wọn láti kékeré dé ńlá, kí apá kọ̀ọ̀kan má sì dín ní sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá. Mo tún un tò:

```
00:00 Ohun èlò
01:10 Bí a ṣe ń fún ẹ̀fọ́ dídì
03:05 Ata: sísè títí omi yóò fi gbẹ
05:40 Epo, àlùbọ́sà àti irú
08:15 Ẹran, ẹja àti ede
09:50 Dída ẹ̀fọ́ sí i
```

Wọ́n jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo sì gé ìkíni náà kúrú nínú fídíò tó tẹ̀ lé e, torí mo rí i kedere báyìí pé sẹ́kọ́ńdì 35 ni mo ti ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa.

Orúkọ apá yẹn fúnra rẹ̀ gba ìrònú. Lákọ̀ọ́kọ́ mo kọ "Ìgbésẹ̀ kìíní," "Ìgbésẹ̀ kejì." Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ìgbésẹ̀ kejì. "Ata: sísè títí omi yóò fi gbẹ" ń sọ iṣẹ́ náà fún un kó tó tẹ̀ ẹ́ rárá.

Ó wá ku táàgì, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń so mọ́ fídíò kí YouTube lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ní ìrètí tó pọ̀ jù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé táàgì ni oògùn tó máa gbé fídíò dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Mo kó gbogbo orúkọ oúnjẹ Nàìjíríà tí mo mọ̀ sínú rẹ̀: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, àmàlà, ẹ̀bà, súyà, mọ́ínmọ́ín. Mo tún lẹ̀ wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ àpèjúwe. Kò sí ọ̀kan nínú wọn nínú fídíò. YouTube sọ ọ́ ní tààrà nínú ìlànà wọn pé táàgì kò fi bẹ́ẹ̀ ran fídíò lọ́wọ́ kí wọ́n lè rí i, àfi níbi tí ènìyàn ti sábà máa ń ṣi orúkọ ohun náà kọ. Wọ́n sì sọ pé kíkó táàgì jọ sínú àpèjúwe lòdì sí òfin wọn, ó lè mú kí wọ́n yọ fídíò kúrò. Mo yọ gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á. Jìbìtì ni, ká pè é lórúkọ tó ń jẹ́: ẹni tó ń wá mọ́ínmọ́ín, kí ló fẹ́ fi ẹ̀fọ́ mi ṣe?

Ṣùgbọ́n gbólóhùn wọn nípa àṣìkọ ló dúró sí mi lọ́kàn. Ọbẹ̀ wo ni wọ́n ń ṣi orúkọ rẹ̀ kọ ju tiwa lọ? Nínú fóònù ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lókè òkun, kò sí ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀, ká má tíì sọ àmì ohùn. "Efo riro" ni wọ́n ń tẹ̀. Àwọn kan ń pa á pọ̀. Ẹni tí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tó gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu nìkan, ń tẹ̀ ẹ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Èmi ò ní tìtorí ìyẹn fi Ẹ̀fọ́ rírò tí mo kọ pẹ̀lú àmì sílẹ̀ o. Èmi kì í kọ orúkọ ọbẹ̀ ìyá mi ní ìhòhò. Orúkọ tó pé dúró ní àkọlé, èyí tí kò ní àmì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àṣìkọ sì wọ inú àpótí táàgì níbi tí ẹni tó ń wo fídíò kì í ti í rí i.

Mi ò méfò àwọn àṣìkọ náà. Nínú YouTube Studio, lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀nà tí ènìyàn gbà débẹ̀ hàn, bí o bá tẹ `YouTube search`, o máa rí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ gan-an kí wọ́n tó rí fídíò rẹ. Mo jókòó tì í ní alẹ́ kan pẹ̀lú ìwé. Ohun tí mo rí yàtọ̀ sí ohun tí mo ti rò. Èmi ń rò pé wọ́n á máa wá ọbẹ̀ ìbílẹ̀, oúnjẹ àwọn baba ńlá wa. Kò sẹ́ni tó tẹ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ewé tó wà nínú fírísà wọn ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ orúkọ ọbẹ̀. Táàgì tí mo fi sílẹ̀ nìyí, kò sì tó ìdajì lẹ́tà 500 tí wọ́n gbà wá láyè láti lò:

```
efo riro, eforiro, effo riro, efo riro soup,
efo riro with frozen spinach, nigerian spinach stew,
yoruba vegetable soup, efo tete, efo soko
```

Mo fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí i nítorí pé mo sọ̀rọ̀ wọn nínú fídíò, mo sì fi wọ́n hàn: ọjà Pẹ́kàmù ni mo ti rà wọ́n, mo sì gbé ìdì kọ̀ọ̀kan sójú kámẹ́rà. Ká ní mi ò fi wọ́n hàn ni, mi ò bá ti yọ wọ́n.

Háṣítáàgì yàtọ̀ sí táàgì, mo sì ti pa méjèèjì pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Háṣítáàgì wà ní gbangba, ẹni tó ń wò ó ń rí i, ó sì lè tẹ̀ ẹ́. Kò gba àyè láàárín ọ̀rọ̀. Bí o bá kọ ju 60 lọ, YouTube ò ní ka ìkankan sí. Mẹ́ta ni mo ń lò, ní ìlà tó kẹ́yìn: `#eforiro`, `#yorubafood`, `#nigeriansoup`. Ó tó.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mi ò fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé lákọ̀ọ́kọ́. Mo pe àbúrò mi, mo ní kó má wo fídíò rárá, kó ka àpèjúwe nìkan kó sì fi se ẹ̀fọ́ ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tó máa dúró sí. Ó dúró ní ibi méjì. Ó pè mí láti ṣọ́ọ̀bù pé irú tí òun rí nínú fírísà wọn jẹ́ ẹyọ ẹyọ, kò rí bí èyí tó wà nínú fídíò. Mo ti gbàgbé pé irú wóró àti irú pẹ̀tẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, mo kọ ọ́ sí i pé èyíkéyìí nínú méjèèjì dára. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó bi mí ìgbà tó yẹ kóun pa iná lẹ́yìn tóun bá da ẹ̀fọ́ sí i. Mo ti kọ "kó jinná." Ẹ̀fọ́ dídì ti jinná láti iléeṣẹ́, kí ló tún fẹ́ jinná? Mo yí i padà: ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, láìdé ìkòkò, torí ooru tó bá rú sókè mọ́ ọmọrí á tún padà sínú ọbẹ̀ bí omi.

Ó fi àwòrán ìkòkò náà ránṣẹ́ ní aago méje alẹ́. Ó ti fi ṣíbí wa ẹ̀gbẹ́ kan ìkòkò náà kí n lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Epo díẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó pupa, kò sí omi lábẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé, "Àǹtí mi, ẹ bá mi kí Màámi o. Gbẹ̀gìrì ńkọ́?"

Ẹ̀wà ti wà nínú omi ní ilé ìdáná mi báyìí, mo ti wọ̀n ọ́n kí n tó rẹ ẹ́: 500 gíráàmù. Ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà méjì àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ, kámẹ́rà ṣì wà nínú àpò rẹ̀.